Bí A Ṣe Ń Kọ Àpèjúwe Òórùn Àbẹ́là Kí Ẹni Tó Kà Á Lè Mọ Ohun Tó Fẹ́ Rà

Ẹni tó ń ta àbẹ́là olóòórùn dídùn lórí Wáàsáàpù ní ìṣòro kan tí aláṣọ kò ní. Aláṣọ lè ya fọ́tò aṣọ rẹ̀ kí oníbàárà sì fi ojú ara rẹ̀ rí àwọ̀ àti ọnà tó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí fọ́tò tó lè gbé òórùn dé imú ẹni tó jókòó sí Òmù-Àrán nígbà tí àbẹ́là wà ní Tánkè, ní Ìlọrin. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sábẹ́ fọ́tò náà ni oníbàárà fi ń gbóòórùn. Bí ọ̀rọ̀ yẹn kò bá bá àbẹ́là mu, ọjọ́ tí oníbàárà bá ṣáná sí i ni yóò mọ̀.

Èmi náà ti kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ohun tí mo ń kọ sábẹ́ gbogbo àbẹ́là mi ni pé òórùn rẹ̀ yóò gba gbogbo ilé kan. Alàájà kan ní Ọ̀fà ra mẹ́ta. Pálọ̀ wọn tóbi, fáànù méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, láti ìgbà tí a ti kírun Màgáríbì ni mo ti tan án, mi ò gbóòórùn kankan àfi tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí orí tábìlì. Ṣé èyí tó o kọ nípa rẹ̀ náà lo fi ránṣẹ́ sí mi?" Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì dá owó wọn padà. Àbẹ́là náà kò ní àléébù kankan. Yàrá kékeré tí mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni mo ti dán an wò, mo sì kọ̀wé bí ẹni pé gbogbo ilé ló rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ̀ lé ìlànà tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti imú kí ó tó dé orí ìwé.

Kí a kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Ẹ má ṣe kọ àpèjúwe láti inú ìgò òróró olóòórùn tí a ń pò mọ́ ìda. Òórùn òróró nínú ìgò kì í ṣe òórùn tí ìda yóò gbé jáde, nítorí pé ìda a máa di àwọn òórùn kan mú, a sì máa tètè jọ̀wọ́ àwọn mìíràn. Bí ìda sóyà ni ẹ ń lò, ẹ jẹ́ kí àbẹ́là náà sinmi pẹ̀lú ìdérí fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí ẹ bá ti dà á, nítorí pé àbẹ́là tí kò tíì sinmi lè dà bí èyí tí òórùn rẹ̀ kéré, ẹ óò sì kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ nípa rẹ̀ láìmọ̀. Èmi máa ń dúró fún ọjọ́ 14.

Ọjọ́ tí ẹ óò bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ má ṣe fín lọ́fínńdà sára, kí ẹ má sì yan ọjọ́ tí wọ́n ń dín nǹkan nínú ilé. Ìgbà àkọ́kọ́ ni kí ẹ tó tàn án: ẹ ṣí ìdérí, ẹ gbé imú sún mọ́ ọn, kí ẹ sì kọ ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn yín kí ẹ tó ronú jìnnà. Ìgbà kejì ni nígbà tí gbogbo ojú ìda bá ti yọ́ kan ara gíláàsì, èyí tó máa ń gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta fún gíláàsì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.5. Ìgbà kẹta ni ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti pa á, kí a lè mọ ohun tó kù nínú yàrá.

Ìgbà kejì yìí ló máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Imú tó bá ti wà pẹ̀lú òórùn kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kì í gbọ́ ọ mọ́ dáadáa, ẹni tó jókòó ti àbẹ́là rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta lè rò pé òórùn rẹ̀ ti tán, ó sì lè lọ fi kún òróró rẹ̀ láìnídìí. Ẹ jáde sí gbangba fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì padà wọlé. Èyí tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ni kí ẹ kọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ènìyàn mẹ́ta tí kò mọ orúkọ àbẹ́là náà. Ẹ má ṣe bi wọ́n bóyá ó dùn, nítorí pé ẹni tó mọ̀ yín yóò sọ pé ó dùn. Ẹ bi wọ́n pé, "Kí ni èyí mú wá sí yín lọ́kàn?" Ohun tí ọwọ́ lè tọ́ka sí ni ẹ ń wá: ewé, èso, oúnjẹ, igi, ibì kan nínú ilé. Àwọn ọ̀rọ̀ bí "àrà ọ̀tọ̀" àti "aláìlẹ́gbẹ́" kò ní òórùn nínú, ẹni tó kà wọ́n kò sì lè fi wọ́n yan àbẹ́là kan sílẹ̀ kí ó mú òmíràn.

Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ kí a mú àbẹ́là tí mo pè ní Koríko Ọba àti Atalẹ̀. Ìda sóyà 200 gíráàmù ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú òróró olóòórùn 16 gíráàmù, èyí tó jẹ́ gíráàmù mẹ́jọ sí ọgọ́rùn-ún gíráàmù ìda. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ nìyí: "Àbẹ́là àrà ọ̀tọ̀ tí a fi ojúlówó koríko ọba àti atalẹ̀ ṣe. Ó ń lé ẹ̀fọn, ó ń mú oorun wá, òórùn rẹ̀ yóò sì gba gbogbo ilé yín kan."

Gbogbo gbólóhùn tó wà nínú rẹ̀ ló ní àléébù. N kò fi ewé koríko ọba kankan ṣe é. Òróró àdàpọ̀ ni mo rà, tí àwọn tó ṣe é pò pọ̀ láti jọ òórùn ewé àti atalẹ̀, kò sì sí ibì kankan lára ìgò rẹ̀ tí wọ́n ti kọ ọ́ pé inú ewé ni wọ́n ti fún un jáde. Kò sí ohun tó burú nínú òróró àdàpọ̀. Òórùn mìíràn wà tí a kò lè rí lọ́nà mìíràn rárá. Ohun tó burú ni kí a fi orúkọ ojúlówó pè é. Ní ti ẹ̀fọn, mi ò dán an wò rí, ohun tí a bá sì ń tà gẹ́gẹ́ bí òògùn kòkòrò ti wọ inú iṣẹ́ NAFDAC, kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ òórùn nìkan mọ́. Ní ti oorun sísùn, ẹnì kan lè sùn wọra nínú yàrá tó ń ta sánsán, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí rẹ̀ fún ẹni tí mi ò mọ ohun tí kò jẹ́ kó sùn. Ọ̀rọ̀ gbogbo ilé, Alàájà ti dá mi lóhùn lórí ìyẹn. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní orílẹ̀-èdè yìí pàápàá kò fàyè gba kí olùtajà sọ ohun tó lè ṣi oníbàárà lọ́nà nípa ọjà rẹ̀.

Ibí yìí ló yẹ kí n ti sọ ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Òórùn, oorun àti oòrùn, bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú bí a kò bá fi àmì sí wọn. Mo ti fi àpèjúwe ránṣẹ́ láìsí àmì rí, oníbàárà kan sì bi mí bóyá àbẹ́là tí wọ́n ń fi sùn ni. Ní orí ọjà tí òórùn jẹ́ gbogbo ohun tí a ń tà, ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀ yẹn, kódà bí ẹ kò bá fi sí ìyókù.

Mo wá padà sí ìwé àkọsílẹ̀ mi. Kí n tó tan àbẹ́là náà, ohun tí mo kọ ni ewé tí a fi àtẹ́lẹwọ́ ra, àti nǹkan kan tó ta díẹ̀ bí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́. Nígbà tí ìda yọ́ tán, ewé náà rọlẹ̀, atalẹ̀ sì yọ jáde pẹ̀lú adùn díẹ̀. Ní òwúrọ̀, ohun tó kù lára kọ́tìnì kò ju adùn kékeré yẹn lọ, ewé ti lọ pátápátá. Bí òórùn ewé tó mú àti ti èèpo ọsàn ṣe máa ń ṣe nìyẹn, nítorí pé wọ́n fúyẹ́, wọ́n sì máa ń tètè fò lọ, nígbà tí òórùn igi àti ti fáńílà máa ń pẹ́ nílẹ̀. Ìdí nìyí tí àpèjúwe fi gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e, kí ẹni tó ra á nítorí ewé má bàa rò pé a ti pààrọ̀ rẹ̀ fún òun.

Nínú àwọn mẹ́ta tí mo pè, ẹnì kan sọ pé ó mú òun rántí tíì tí ìyá òun máa ń sè fún wọn tí ara bá ń gbóná. Ẹnì kejì sọ pé ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Ẹnì kẹta sọ pé ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ abọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, ṣùgbọ́n òun ló wúlò jù fún mi, nítorí pé ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹni tó ń fẹ́ òórùn aládùn kò ní fẹ́ràn àbẹ́là yìí, ó sì yẹ kí n sọ fún un kí ó tó san owó. Nígbà tí mo kó gbogbo rẹ̀ jọ, ohun tí mo kọ nìyí:

"Koríko Ọba àti Atalẹ̀. Kí ẹ tó tàn án, ẹ óò gbọ́ òórùn bí ti ewé koríko ọba tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ ra, tó ta díẹ̀ bí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́. Bí ó bá ti ń jó, atalẹ̀ yóò yọ, pẹ̀lú adùn díẹ̀, bí ife tíì tí a kò fi ṣúgà púpọ̀ sí. Òórùn tó mú ni, kì í ṣe ti òdòdó tàbí ti oyin. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó rọ̀ lè wo Fáńílà. Ó tó fún yàrá tí kò ju mítà mẹ́rin sí mẹ́rin lọ, bí fáànù kò bá fẹ́ sí i tààrà. Ìda sóyà 200 gíráàmù àti àdàpọ̀ òróró olóòórùn 16 gíráàmù. Ó ń jó fún nǹkan bíi wákàtí 28."

Ibi tí wákàtí àti títóbi yàrá ti wá

Ẹ má ṣe ṣe àdàkọ wákàtí láti ara àbẹ́là ẹlòmíràn. Ẹ gbé àbẹ́là yín sórí ìwọ̀n, ẹ tàn án fún wákàtí mẹ́rin, ẹ pa á, kí ó tutù, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n. Tèmi fi gíráàmù 24 dín kù, èyí túmọ̀ sí gíráàmù mẹ́fà ní wákàtí kan. Òróró àti ìda pa pọ̀ jẹ́ gíráàmù 216, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a jẹ́ kí iná jó dé ìdí gíláàsì, kí gíláàsì má bàa gbóná jù kí ó sì fọ́. Mo ń sọ fún oníbàárà pé kí ó dá a dúró nígbà tí ó bá ku sẹ̀ǹtímítà kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 40 nínú gíláàsì tèmi. Ohun tó kù láti jó jẹ́ 176, tí a bá fi mẹ́fà pín in yóò lé díẹ̀ ní 29. Mo kọ 28, nítorí pé òwú àbẹ́là kan kì í jó bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú òmíràn, ẹni tí tirẹ̀ bá sì lé kò ní bínú. Ẹ ṣe ìdánwò yìí lára àbẹ́là méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó gba iye náà gbọ́.

Ní ti yàrá, ẹ tan án sí yàrá tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì wọlé láti ìta bí mo ṣe sọ ṣáájú. Ẹ tún ṣe é pẹ̀lú fáànù, nítorí pé ní Ìlọrin ní oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe kò sí ẹni tí yóò pa fáànù nítorí àbẹ́là.

Àwọn òórùn tí wọ́n nílò ọ̀rọ̀ pàtó

Fáńílà rọrùn láti ṣàpèjúwe, nítorí pé ẹni tó bá ti jẹ kéèkì rí ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí àwọn olùtajà máa ń gbàgbé ni àwọ̀. Èròjà tó ń fún fáńílà ní òórùn rẹ̀ máa ń sọ ìda funfun di pupa rúsúrúsú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, oníbàárà tó rí fọ́tò funfun yóò sì rò pé èyí tó ti bàjẹ́ ni a gbé fún òun. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ìda rẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀ bí ó bá ṣe ń pẹ́, àti pé èyí kò ba òórùn rẹ̀ jẹ́.

Mo ní ọ̀kan tí mo pè ní Òjò Àkọ́kọ́, tó jọ òórùn ilẹ̀ gbígbẹ nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án lẹ́yìn ọyẹ́. Lára ohun tó ń fún ilẹ̀ ní òórùn yẹn ni èròjà kan tí àwọn kòkòrò àìrí inú ilẹ̀ ń ṣe, imú ènìyàn sì máa ń tètè mọ̀ ọ́n bí ó ti wù kí ó kéré tó. Kò sí ẹni tó fún òjò sínú ìgò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo ń lò ni "ó jọ", n kì í sọ pé òun ni. Mo tún ń kọ ọ́ pé òórùn ilẹ̀ náà hàn jù kí a tó tan án, àti pé bí iná bá wọ̀ ọ́, ohun tó tutù bí ewé ló máa ń ṣẹ́ kù. Ẹlòmíràn máa ń rà á láti kàn ṣí i sílẹ̀ lórí tábìlì láìtàn án, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Tùràrí ni ó gba ìṣọ́ra jù ní ìlú wa, nítorí pé kò sí ilé ìyàwó tàbí ilé ìkómọ ní Ìlọrin tí a kò ti mọ̀ ọ́n, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n dénú. Àwọn tó ń ra àbẹ́là tí a sọ ní orúkọ yìí ń retí èéfín tó ń jáde láti orí ẹyin iná, tó ń wọ inú aṣọ tó sì ń pẹ́ níbẹ̀. Àbẹ́là kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń kọ ọ́ gbangba pé òórùn igi àti oje igi tó wúwo, tó sì dùn díẹ̀ ni, pé kò ní èéfín tùràrí, kò sì ní dúró lára aṣọ bíi ti tùràrí tí a sun. Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ùdù. Ùdù gidi ń wá láti ara igi kan tó ń hù ní Éṣíà, tí oje olóòórùn máa ń kó sínú rẹ̀ nígbà tí ó bá farapa tàbí tí èbu bá mú un. Òróró rẹ̀ gbówó lórí gan-an débi pé kò sí bí a ṣe lè fi gíráàmù 16 rẹ̀ sínú àbẹ́là tí gbogbo ènìyàn lè rà. Bí ẹ bá rí òróró ùdù olówó pọ́ọ́kú, àfarawé ni, ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "òórùn bíi ti ùdù". Àwọn ìyá wa tó mọ ojúlówó yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, wọn yóò sì ṣíwọ́ gbígba ìyókù ọ̀rọ̀ yín gbọ́.

Ohun tó gbẹ̀yìn nínú àpèjúwe

Lábẹ́ gbogbo òórùn, ẹ kọ gbólóhùn mélòó kan tí kò yí padà: pé kí a gé òwú ku nǹkan bíi mìlímítà mẹ́fà kí a tó tan án, pé kí a má ṣe tan án ju wákàtí mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan, pé kí a má fi í sílẹ̀ láìsí ènìyàn níbẹ̀, àti pé kí ẹni tí òórùn máa ń dá ikọ́ fée sílẹ̀ fún má ṣe tàn án. Ẹ fi kún un pé kí a má gbé e sínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn, nítorí pé ìda sóyà inú gíláàsì kò nílò kí ooru pọ̀ púpọ̀ kó tó rọ̀, ojú rẹ̀ sì lè sun omi òróró nígbà tí a bá ń gbé e láti Ìlọrin lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo tàbí Ìgbàjà ní ọ̀sán. Mo ń sọ fún oníbàárà pé kí ó fi aṣọ mímọ́ nu ún, kí ó jẹ́ kó tutù kí ó tó tàn án.

Nígbàkúùgbà tí ẹ bá ra òróró tuntun, kódà láti ọwọ́ ẹni kan náà àti pẹ̀lú orúkọ kan náà, ẹ da àbẹ́là kan, kí ẹ sì tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú àpèjúwe àtijọ́ lọ́wọ́ yín. Lẹ́ẹ̀kan, atalẹ̀ inú òróró tí mo rà ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ewé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù. Mo yí orúkọ náà padà sí Atalẹ̀ àti Koríko Ọba, mo tún gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ kọ, mo sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ti sanwó kí n tó di ẹrù wọn.